Bí a ṣe ń ṣètò ọ̀sẹ̀ méjìlá láti tún fọ́nrán iṣan ṣe: eré sísá àti irin gbígbé pa pọ̀

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó bá fẹ́ kí n ṣètò eré ìdárayá fún wọn ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣan tó ń yára ló pọ̀ lára mi ni, àbí èyí tó ń lọ́ra?" Kí n tó dáhùn ni ìkejì á ti tẹ̀ lé e: "Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ̀kan di èkejì?" Ìbéèrè kejì yìí ni a fẹ́ yanjú níbí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ yí padà lára iṣan wọn ló le jù láti yí. Ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn láti yí ti tó láti mú kí ènìyàn sáré jìnnà kó sì gbé irin tó wúwo nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. A ó kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú iṣan, ká tó wá ṣètò ọ̀sẹ̀ méjìlá fún ẹnì kan, a ó sì ka kílò àti ìṣẹ́jú rẹ̀.

Ohun tó wà nínú iṣan

Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló pọ̀ jọ tí wọ́n fi di iṣan. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó gùn tó. Nínú rẹ̀ ni púrótíìnì kan wà tó ń jẹ́ máyósìn, òun ló ń fa fọ́nrán náà kì nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́. Bí máyósìn inú fọ́nrán bá ṣe rí ni fọ́nrán náà ṣe máa yára tó. Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú iṣan ẹsẹ̀ àti apá ènìyàn: oríṣi 1, oríṣi 2A àti oríṣi 2X.

Oríṣi 1 ń lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Mitokọ́ńdíríà, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn sọ ọ̀rá àti ṣúgà di agbára, pọ̀ nínú rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín sì yí i ká. Oríṣi 2X ló yára jù, agbára tó ń mú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan sì jẹ́ ìlọ́po mélòó kan ti oríṣi 1, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Oríṣi 2A wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó yára, ó lágbára, bí a bá sì kọ́ ọ dáadáa, ó lè ṣiṣẹ́ pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Àwọn fọ́nrán kan tún wà tó ní máyósìn oríṣi méjì nínú lẹ́ẹ̀kan náà, bíi 2A pẹ̀lú 2X. Irú wọn pọ̀ lára ẹni tí kì í ṣe eré ìdárayá, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ yí padà nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn oríṣi yìí ṣe pọ̀ sí yàtọ̀ láti iṣan dé iṣan. Iṣan pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹsẹ̀, lókè gìgísẹ̀, tó ń mú wa dúró láìṣubú láti àárọ̀ dalẹ́, oríṣi 1 ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí 80 nínú 100. Ní iwájú itan, ó máa ń súnmọ́ ààbọ̀ sí ààbọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì pọ̀ gan-an. Àwọn ọ̀gá nínú eré ọ̀nà jíjìn máa ń ní oríṣi 1 púpọ̀ ní itan, àwọn tó ń sá eré kúkúrú sì máa ń ní oríṣi 2 jù.

Ta ló wá ń pinnu oríṣi tí fọ́nrán kan máa jẹ́? Nááfù tó ń darí rẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1960, Buller àti àwọn Eccles méjì gé nááfù iṣan tó ń yára àti ti iṣan tó ń lọ́ra lára ológbò, wọ́n sì so ti ọ̀kan mọ́ èkejì. Iṣan tó ń lọ́ra bẹ̀rẹ̀ sí í yára, èyí tó ń yára sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Sẹ́ẹ̀lì nááfù kan ló sì ń darí ọ̀wọ́ fọ́nrán kan, oríṣi kan náà ni gbogbo ọ̀wọ́ náà máa ń jẹ́. Ní 1965, Elwood Henneman àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé ara kì í pe àwọn ọ̀wọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kéékèèké tó ń lọ́ra ni ó ń kọ́kọ́ pè. Bí iṣẹ́ bá ti ń le sí i ni ó ń pe àwọn ńláńlá tó ń yára.

Ẹ di èyí mú, torí pé òun ni gbogbo ètò tó ń bọ̀ yìí dúró lé: fọ́nrán tí a kò pè kì í yí padà. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì lójúmọ́ lè má pe àwọn 2X rẹ̀ síṣẹ́ rárá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tó lè yí àti bó ṣe máa pẹ́ tó

Èyí tó máa ń tètè yí ni 2X tó ń di 2A. Bí ẹni tí kì í ṣe nǹkan kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin tó wúwo, ìyípadà yìí ti lè hàn nínú máyósìn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ohun tó sì máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí: eré sísá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ gbé irin ni o, bí ẹ sáré ni o, 2A ni 2X ń dà. Ẹni tó jókòó sílé láti oṣù dé oṣù ló máa ń ní 2X púpọ̀ jù. Bí a bá fi máyósìn nìkan wò ó, orí àga ni àwọn tí iṣan wọn yára jù wà!

Níbo wá ni ọ̀nà irin àti ọ̀nà eré ti pínyà? Nínú títóbi fọ́nrán àti nínú mitokọ́ńdíríà rẹ̀. Irin ń mú kí fọ́nrán sanra, oríṣi 2 ló sì máa ń sanra jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi 1 náà ń jèrè. Eré ọ̀nà jíjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un sanra, ṣùgbọ́n ó ń sọ mitokọ́ńdíríà àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín di púpọ̀. Nítorí náà 2A agbérin àti 2A asáré kì í ṣe ohun kan náà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra.

Èyí tó le ni kí oríṣi 1 di 2, tàbí kí 2 di 1. Ó ṣeé ṣe: nígbà tí wọ́n fi iná mànàmáná kékeré ru nááfù iṣan ehoro sókè lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, iṣan tó ń yára di èyí tó ń lọ́ra. Lára ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa débi tí àṣẹ ọpọlọ kò fi lè dé ẹsẹ̀ mọ́, oríṣi 1 máa ń di 2 bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àmọ́ kò sí ètò ọ̀sẹ̀ méjìlá tó lè ṣe irú èyí. Ẹ má ṣètò lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn ohun tí ẹ lè wọ̀n

Kò sí bí ẹ ṣe máa mọ iye oríṣi kọ̀ọ̀kan tó wà ní itan yín láìjẹ́ pé wọ́n bu ègé kékeré níbẹ̀. Jonas Bergström ló sọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bù ú di ohun tí gbogbo àwọn onímọ̀ iṣan ń lò láti ọdún 1962. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bù ú níbì kan, tí wọ́n tún bù ú lára iṣan kan náà níbòmíràn, iye rẹ̀ lè má bára mu. Ìdánwò orí ìlú kan wà tí wọ́n ní kí ènìyàn gbé ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kó wá fi iye ìgbà tó gbé e mọ irú iṣan tó ní. Èmi kì í lò ó. Ìmọ̀ọ́ṣe, ìgboyà àti bí a ṣe sùn lálẹ́ àná ló ń fara hàn níbẹ̀ ju oríṣi fọ́nrán lọ.

Ẹ wọn nǹkan mẹ́ta dípò rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀: irin tó wúwo jù tí ẹ lè fi lóṣòó kí ẹ sì dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún láìba ìdúró jẹ́, bí ẹ ṣe lè fò síwájú jìnnà tó láti ojú kan, àti àkókò tí ẹ fi ń sá kìlómítà 5. Irin máa sọ bí agbára ṣe ń lọ, fífò máa sọ bí ìyára ṣe ń lọ, eré máa sọ ti ìfaradà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan, ẹni ọdún 36, tó wọn kílò 66. Ó ti ń sáré díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó pẹ̀lú irin lẹ́yìn ọrùn. Ó lóṣòó pẹ̀lú kílò 60 lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò lè ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Ó fò síwájú ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 55. Ó sá kìlómítà 5 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn ìṣẹ́jú 6 fún kìlómítà kan.

Láti mọ ohun tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹ́ pé a fi í wewu, a ó fi ìṣírò ṣe é:

```
60 × (1 + 5/30) = 70
```

Ẹ fi iye kílò sí ipò 60, kí ẹ fi iye ìgbà tí ẹ gbé e sí ipò 5 inú àmì akọmọ́. Àfojúsùn lásán ni, ó sì túbọ̀ ń ṣìnà bí iye ìgbà bá kọjá mẹ́wàá. Ti obìnrin yìí jẹ́ kílò 70. Ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ kílò 49, ìdá 80 jẹ́ 56.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to ọjọ́ ọ̀sẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, irin. Ọjọ́rú, eré jẹ́jẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọjọ́bọ̀, eré líle alábala. Ọjọ́ Ẹtì, ìsinmi. Àbámẹ́ta, irin. Àìkú, eré gígùn jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Ajé, ìsinmi.

Ìdí tí mo fi tò ó báyìí ni pé ìsinmi máa ń ṣáájú irin. Fọ́nrán tó ń yára ni a fẹ́ pè lọ́jọ́ irin, ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kò sì lè gbé irin tó wúwo débi tí wọ́n á fi jẹ́ ìpè. Eré gígùn lè tẹ̀ lé irin lọ́jọ́ kejì, torí pé jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sá a. Bí iṣẹ́ yín kò bá gba ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ sún wọn síwá sẹ́yìn bó ti wù yín, kí ẹ sáà má jẹ́ kí eré líle bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú irin.

Ìgbésẹ̀ 4: Irin, láti pe àwọn tó ń yára

Ọ̀nà méjì ló wà láti pe 2A àti 2X. Ẹ lè gbé ohun tó wúwo, wọ́n á sì jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì lè gbé ohun tí kò wúwo títí yóò fi kù díẹ̀ kó rẹ̀ yín pátápátá, nígbà náà ni wọ́n á jáde sí ìparí. Bó bá jẹ́ pé kí iṣan sanra nìkan ni ẹ ń wá, ọ̀nà méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó tún ń sáré, èyí tó wúwo ni mo yàn, torí pé kì í fi àárẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 4: obìnrin wa yóò lóṣòó pẹ̀lú kílò 50, ní ìgbà mẹ́jọ mẹ́jọ, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Nígbà tó bá parí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kó mọ̀ lára pé òun ṣì lè ṣe méjì tàbí mẹ́ta sí i. Yóò tún gbé irin láti ilẹ̀ ní sẹ́ẹ̀tì méjì, yóò sì dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Agbára rẹ̀ á máa pọ̀ láàárín oṣù yìí, ṣùgbọ́n kó má rò pé iṣan ló ti tóbi. Nááfù ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀wọ́ náà pa pọ̀. Kí fọ́nrán tó sanra débi tí a lè wọ̀n, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ọ̀sẹ̀ 5 sí 8: kílò 55 ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, 57.5 ní méjì tó kù, ìgbà márùn-ún márùn-ún, sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín wọn. Ìsinmi yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ o. Fọ́nrán 2 ló ń pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá sinmi ìṣẹ́jú kan péré yóò gbé kílò tó kéré sí i ní sẹ́ẹ̀tì tó kàn, yóò wá rò pé òun ṣiṣẹ́ gan-an nítorí pé òógùn bo òun.

Láti ọ̀sẹ̀ 5 yìí, kí ó máa fò sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kó tó fọwọ́ kan irin. Bó bá sì ń dìde láti ìlóṣòó, kó gbìyànjú láti yára, bí irin náà tilẹ̀ ń lọ́ra nítorí wíwúwo rẹ̀. Èrò láti yára yẹn fúnra rẹ̀ ló ń mú kí nááfù pe ọ̀wọ́ púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Sísọ̀kalẹ̀ ni kó ṣe jẹ́jẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 9 bá bẹ̀rẹ̀, yóò tún wọn ara rẹ̀. Ká ní ó lóṣòó pẹ̀lú kílò 65 lẹ́ẹ̀marùn-ún báyìí: ìṣírò wa sọ pé nǹkan bíi kílò 76 ni tuntun. Ọ̀sẹ̀ 9 sí 11 yóò wá jẹ́ kílò 65, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta, sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Iye ìgbà ti dín, kò sì gbọdọ̀ dé ibi tí agbára tán pátá. Àmì tí mo fi ń dá a dúró ni ìyára irin: bí ìdìde kan bá lọ́ra lọ́nà tó hàn sójú ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀tì náà parí, ì báà ku ẹyọ kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Eré, láti kún inú fọ́nrán

Eré jẹ́jẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bà jẹ́. Wọ́n ń sá a kíá jù. Obìnrin wa tó ń sá kìlómítà 5 ní ìṣẹ́jú 6 fún kìlómítà kan yẹ kó wà láàárín ìṣẹ́jú 7 àti ìdajì sí 8 lọ́jọ́ eré jẹ́jẹ́. Bí kò bá ní aago tó ń ka eré, kó máa sọ̀rọ̀. Bó bá lè sọ gbólóhùn gígùn kan parí láìmí gúlegúle, ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń jáde, kó fà á sẹ́yìn.

Kí ni eré jẹ́jẹ́ ń ṣe tí a kò lè fi eré líle ṣe? Àkókò ni. Oríṣi 1 ń ṣiṣẹ́ láìdúró fún ìgbà pípẹ́, mitokọ́ńdíríà rẹ̀ sì ń pọ̀. John Holloszy fi èyí hàn lára eku ní 1967: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ń sáré, agbára mitokọ́ńdíríà iṣan wọn láti lo ọ́síjìn di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ohun mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀ bí eré náà bá gùn. Ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú oríṣi 1, tí wọ́n ń pè ní gláíkójìn, ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń tán, ara ń pe 2A wá ràn án lọ́wọ́, bí eré náà kò tilẹ̀ yára sí i. Ìdí nìyí tí eré Àìkú fi ní láti máa gùn: ọgọ́ta ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ 1, kó máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi dé àádọ́rùn-ún ní ọ̀sẹ̀ 7, kó sì dúró síbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ 11.

Eré líle Ọjọ́bọ̀ ń gba ọ̀nà míràn dé ọ̀dọ̀ 2A. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi mú ara gbóná, kó sá ìṣẹ́jú mẹ́rin tó le, kó sá jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Fún obìnrin yìí, líle túmọ̀ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 45 fún kìlómítà kan. Èyí kẹrin ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bó bá sá èyí àkọ́kọ́ bí ẹni tí ajá ń lé, tí èyí kẹrin wá lọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ kíá jù. Ó yẹ kí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí ti ìkẹyìn sì jẹ́ èyí tó le jù láti mú dúró.

Ẹ má fi eré líle kejì kún un lọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni ní ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5 nígbà tí ara bá ti ń dá ṣáṣá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ máa ṣọ́ ibi tí ọ̀kan ti ń pa èkejì lára

Ní ọdún 1980, Robert Hickson kó àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: àwọn kan gbé irin, àwọn kan ṣe eré ìfaradà, àwọn kan ṣe méjèèjì. Agbára àwọn tó ṣe méjèèjì ń pọ̀ bíi ti àwọn agbérin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ní ìparí, nígbà tí ti àwọn tó ń gbé irin nìkan ṣì ń gòkè. Ìfaradà wọn ní tirẹ̀ kò ní ìṣòro kankan.

Àwọn ènìyàn máa ń fi ìròyìn yìí dẹ́rù ba ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo iye iṣẹ́ náà: irin ọjọ́ márùn-ún àti eré ìfaradà ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan náà. Irin méjì àti eré mẹ́ta tí a ń ṣe níbí kò súnmọ́ ọn. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ ni ìpalára ṣe ń pọ̀, ìyára ni ó sì máa ń kọ́kọ́ mú, kó tó kan agbára tàbí títóbi iṣan.

Nítorí náà fífò síwájú ni ẹ ó máa wò. Kí obìnrin wa fò lẹ́ẹ̀mẹta ní gbogbo Ìṣẹ́gun lẹ́yìn tó bá ti mú ara gbóná, kó kọ èyí tó jìnnà jù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irin rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n fífò rẹ̀ ti fi sẹ̀ǹtímítà bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra, eré ti pọ̀ jù nìyẹn. Kó dá eré gígùn padà sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú fún ọ̀sẹ̀ kan, kó fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí fífò àti irin bá jọ wálẹ̀, tí oorun rẹ̀ kò sì dára, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kíá ju bó ṣe máa ń lù lọ nígbà tó bá jí láàárọ̀, kó dín gbogbo rẹ̀ kù.

Bó bá di dandan kí irin àti eré bọ́ sí ọjọ́ kan náà, irin ni kó ṣáájú, kí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán sì wà láàárín wọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ dín in kù

Ní ọ̀sẹ̀ 12, kí irin wà ní kílò 65, ṣùgbọ́n kó jẹ́ sẹ́ẹ̀tì méjì dípò mẹ́rin. Kí eré jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú tó máa ń jẹ́, kí eré líle jẹ́ alábala méjì. Wíwúwo àti ìyára kò yí, iye ló dín. Àárẹ̀ á lọ, ohun tí iṣan ti kọ́ kò sì ní lọ.

Níbí ni àwọn kan ti máa ń bi mí pé: bí sísinmi bá ń dá 2X padà, kí ló dé tí a kò kúkú sinmi oṣù mẹ́ta ká di ayára? Òótọ́ ni pé ó ń dá a padà. Ní ọdún 2000, Jesper Andersen àti Per Aagaard gbé ìròyìn jáde nípa àwọn ọkùnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe eré ìdárayá, tí wọ́n gbé irin fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n sì dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta. Máyósìn 2X wọn jẹ́ nǹkan bí 9 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀. Irin sọ ọ́ di 2. Lẹ́yìn ìsinmi, ó fò kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó di 17. Ṣùgbọ́n títóbi tí fọ́nrán wọn jèrè ti lọ pẹ̀lú. Fọ́nrán tó yára tó sì tín-ín-rín kò lè ti ènìyàn síwájú bí èyí tó sanra. Ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí a dín iṣẹ́ kù ni mo fara mọ́, kì í ṣe oṣù.

Ẹ sì rántí pé mitokọ́ńdíríà ló máa ń kọ́kọ́ lọ bí ènìyàn bá dáwọ́ dúró pátápátá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ti máa tètè rẹ̀. Agbára irin máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó wálẹ̀.

Bí ọjọ́ orí bá ti lọ sókè

Bí àgbà ṣe ń dé, oríṣi 2 ló ń tín-ín-rín jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì nááfù kan tó ń darí wọn ń kú, nááfù oríṣi 1 tó wà nítòsí sì máa ń gba díẹ̀ lára fọ́nrán tó ṣẹ́ kù mọ́ tirẹ̀. Nítorí náà fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìrìn àti eré jẹ́jẹ́ nìkan kò tó, torí pé kì í pe àwọn tó ń lọ náà. Kí ó lo ètò yìí kan náà, ṣùgbọ́n kó lo oṣù méjì ní ìpele kílò 50 ti obìnrin wa, ìyẹn ìdá 70, kó tó wúwo sí i, kó sì fi dídìde kíákíá láti orí àga rọ́pò fífò bí orúnkún bá ń dùn ún. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbé ohun tó wúwo.

Bí a ṣe ń ka èsì

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ìsinmi, ẹ tún wọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ má ṣe wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ kan náà.

Bí irin bá gòkè, tí fífò náà gòkè, tí eré kò yí, fọ́nrán tó ń yára ti sanra ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì kún. Ní ọ̀sẹ̀ méjìlá tó kàn, kí irin di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èyí tó láti mú agbára dúró, kí eré jẹ́jẹ́ kan sì dípò ọjọ́ irin kejì. Bí eré bá dára sí i, tí irin dúró sójú kan, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé tí ẹ ń kọ wò bóyá kílò ń pọ̀ lóòótọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn máa ń gbé ohun kan náà fún oṣù mẹ́ta, tí yóò wá sọ pé eré ló pa irin òun. Bí kílò bá ń pọ̀ nígbà náà, tí agbára kò pọ̀, ẹ mú eré líle kúrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tún wò ó.

Bí irin bá gòkè tí fífò wálẹ̀, iṣan lágbára ṣùgbọ́n kò yára. Ẹ dín sẹ́ẹ̀tì irin kan kù, kí ẹ fi sẹ́ẹ̀tì fífò méjì kún un, kí ẹ sì rí i pé ìsinmi ìṣẹ́jú méjì pé láàárín wọn. Bí kò bá sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gòkè, tí ẹ sì tẹ̀ lé ètò náà, oríṣi fọ́nrán kọ́ ni kí ẹ lọ máa wádìí. Oorun àti oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo bóyá eré jẹ́jẹ́ yín jẹ́jẹ́ lóòótọ́.